Orí Fífọ́ Tí Ikọ́, Sísín Tàbí Iṣẹ́ Agbára Ń Fà: Ìgbà Tí Kò Léwu àti Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Ya Àwòrán Orí

Ẹnìkan lè wà lórí ìdúró, kí ara rẹ̀ le koko, kí ó má sì ní ibà rárá. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lójú ẹsẹ̀ ni orí rẹ̀ sán bí ẹni pé wọ́n fẹ́ là á sí méjì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó mí kanlẹ̀, kí ó sì tó pe ẹnikẹ́ni, ìrora náà ti rọlẹ̀. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé ikọ́ náà ni ó le jù, a ó sì gbàgbé rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa bẹ̀rù pé kókó burúkú kan ti hù sínú ọpọlọ wọn. Èrò méjèèjì yìí ni ó lè jẹ́ àṣìṣe.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa mọ̀ nínú àlàyé yìí kò ju ọ̀kan lọ. Orí fífọ́ tí ikọ́, sísín tàbí iṣẹ́ agbára dá sílẹ̀ lè jẹ́ èyí tí kò ní ewu kankan nínú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi bí ìrora náà ti rí lára sọ pé kò léwu. “Kò léwu” jẹ́ ìdájọ́ tí dókítà ń ṣe lẹ́yìn àyẹ̀wò, kì í ṣe ohun tí a ń fi sọ pé àyẹ̀wò kò pọn dandan.

Irú orí fífọ́ tí à ń sọ

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń pa wọ́n pọ̀. Bí ibà tàbí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe ènìyàn, tí orí rẹ̀ sì ti ń fọ́ láti àárọ̀, ìgbàkígbà tí ó bá wúkọ́ ni orí náà yóò tún fọ́ sí i. Nínú irú èyí, orí ti ń fọ́ tẹ́lẹ̀, ikọ́ kàn ń dá kún un ni. Bí ibà náà bá lọ, orí fífọ́ náà yóò bá a lọ. Kì í ṣe èyí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Èyí tí à ń sọ ni orí fífọ́ tí kò sí níbẹ̀ rárá kí ikọ́ tó dé. Ikọ́ gan-an ni ó bí i. Ó ń dé lójijì, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì máa ń wà ní ìhà méjèèjì orí. Ní ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìṣẹ́jú àáyá tàbí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń lò, bí ó tilẹ̀ lè pẹ́ tó wákàtí 2 lára àwọn kan. Yàtọ̀ sí ikọ́, sísín lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín àríntàkìtì, fífún imú, ìtẹ̀ríba láti mú nǹkan nílẹ̀, àti fífi agbára tì nígbà tí ènìyàn bá ń yàgbẹ́. Ohun tí gbogbo ìwọ̀nyí fi jọra ni pé ènìyàn ń sé èémí mọ́ra díẹ̀, tí ó sì ń fún inú àti àyà pọ̀.

Orí fífọ́ tí iṣẹ́ agbára ń fà jẹ́ ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti iṣẹ́ agbára kì í sábà dé láti inú ohun tí a ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ti ń ṣe iṣẹ́ tàbí eré ìdárayá náà bọ̀, tàbí kété tí ó parí rẹ̀. Ó máa ń lù kìkì bí ìlù nínú orí, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ 2. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó wọ́pọ̀ lára wọn, nígbà tí ti ikọ́ wọ́pọ̀ lára àwọn tí ó ti kọjá ẹni 40 ọdún. Oòrùn gbígbóná a sì máa mú kí ti iṣẹ́ agbára tètè dé, èyí tí àwọn tí ń ru búlọ́ọ̀kù, tí ń roko tàbí tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán gangan mọ̀ dáadáa.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú orí nígbà tí a bá wúkọ́

Agbárí jẹ́ egungun líle tí kò lè nà. Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan, àti omi mímọ́ gaara kan tí ó yí ọpọlọ ká. Nígbà tí a bá wúkọ́ tàbí tí a sín, àyà àti ikùn yóò fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti orí padà sọ́dọ̀ ọkàn yóò sì dúró díẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó wà nínú agbárí yóò pọ̀ sí i fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni agbárí kò lè fẹ̀.

Ẹlẹ́dàá ti fi ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀. Ihò kan wà ní ìsàlẹ̀ agbárí, níbi tí orí ti pàdé ọrùn. Ibẹ̀ ni mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn gbà jáde. Bí ikọ́ bá ti ti inú orí, díẹ̀ nínú omi tí ó yí ọpọlọ ká yóò gba ihò yìí sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìn, ààyè yóò sì wà lókè. Bí ikọ́ bá parí, omi náà á padà sí àyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa fi ń wúkọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé wa láìjẹ́ pé orí fọ́ wa.

Wàyí o, ìṣòro ń dé bí nǹkan bá dí ihò náà. Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù tí ń dí i ni apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn orí. Lára àwọn kan, apá yìí gùn sísàlẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ti wọ inú ihò náà bí èdídí tí ó wà lẹ́nu ìgò. Orúkọ Hans Chiari, ẹni tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1891, ni wọ́n fi ń pè é: àìpé Kíárì. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i ni wọ́n bí i mọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wúkọ́, omi kò rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ kíákíá, agbára ikọ́ náà yóò sì ti apá ọpọlọ tí ó há sẹ́nu ihò. Ìrora yóò sán láti ẹ̀yìn orí lọ sí ọrùn. Kókó inú orí, tàbí omi tí ó pọ̀ jù nínú ọpọlọ, lè fa irú ìrora kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò wọ́pọ̀ tó Kíárì.

Ìdí tí a kò fi lè fi bí ó ti rí lára mọ̀ ọ́n

Ní 1956, oníṣègùn ọpọlọ kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Charles Symonds, kọ ìròyìn lórí àwọn ènìyàn 27 tí ikọ́ ń fọ́ lórí. Nínú wọn, kò rí àrùn kankan nínú orí àwọn 21. Ìròyìn náà wúlò púpọ̀, nítorí kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé kókó ọpọlọ ni irú orí fífọ́ yìí máa ń túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní ayé ìgbà náà, ẹ̀rọ tí ó lè fi ẹnu ihò ìsàlẹ̀ agbárí hàn kedere kò tíì sí.

Ní 1996, lẹ́yìn tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti dé, àwọn oníṣègùn ní orílẹ̀-èdè Sípéènì gbé ìròyìn tiwọn jáde. Wọ́n ní ènìyàn 30 tí ikọ́ ń fọ́ lórí. Àwọn 13 kò ní ohunkóhun nínú orí. Àwọn 17 yòókù ni ó ní àìpé Kíárì. Ilé ìwòsàn tí àwọn aláìsàn tí ọ̀ràn wọn le máa ń lọ ni ìròyìn náà ti wá, nítorí náà a kò gbọdọ̀ sọ pé bí iye náà yóò ti rí láàárín ará ìlú nìyẹn. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ẹni tí ó ní àìpé náà kì í ṣe ẹyọ kan láàárín ẹgbẹ̀rún.

Àwọn àmì kan wà tí ó lè tọ́ dókítà sọ́nà. Bí ẹni náà bá ti lé ní 50 tàbí 60 ọdún, tí ìrora rẹ̀ kì í pé ìṣẹ́jú kan, tí kò sì sí ohun mìíràn tí ń ṣe é, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èyí tí kò léwu. Bí ẹni náà bá kéré sí ìyẹn, tí ìrora rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn orí àti ọrùn, tí ó ń pẹ́, tàbí tí nǹkan mìíràn ń ṣe é pẹ̀lú rẹ̀, ìfura yóò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àmì lásán ni ìwọ̀nyí. Àgbàlagbà lè ní kókó, ọ̀dọ́ sì lè ní orí tí kò ní àbùkù. Nítorí èyí ni àwọn oníṣègùn fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ikọ́ tàbí sísín bá bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ lórí ya àwòrán orí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Àpẹẹrẹ kan: aránṣọ tí ayọ́ṣọ jó lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ẹnìkan pàtó. A tò ó láti fi ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ.

Obìnrin aránṣọ kan, ẹni ọdún 34, ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti sín nítorí eruku aṣọ, ẹ̀yìn orí òun á sán, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5. Ó rò pé iṣẹ́ ìtẹ̀ríba ni ó ń fà á. Ó ra oògùn ara ríro nílé ìtajà oògùn, ṣùgbọ́n kí oògùn náà tó wọ ara, ìrora á ti lọ, nítorí náà kò mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́fà kọjá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn níkẹyìn, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó sì dára. Dókítà fi iná kékeré wo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ohun kan ń ti ọpọlọ láti inú. Kò sí àmì. Ó ní kí ó máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn lórí ìlà gbọọrọ. Ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dókítà rí àpá ìjóná méjì ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Obìnrin náà sọ pé ayọ́ṣọ ni ó jó òun, òun kò sì mọ̀ títí òun fi rí i pé awọ òun ti bó. Dókítà fi òwú kan ọwọ́ náà. Ó mọ̀ ọ́n lára. Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ kàn án. Kò mọ̀ pé ó mú.

Ohun tí dókítà rí yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ bá ti há sẹ́nu ihò fún ìgbà pípẹ́, omi tí kò rí ọ̀nà gbà lè bẹ̀rẹ̀ sí kó jọ sínú mùdùnmúdùn eegun ẹ̀yìn gan-an. Omi náà á máa fẹ ibẹ̀ láti inú. Àwọn iṣan tí ń jẹ́ kí a mọ ohun gbígbóná àti ohun tó mú ni ó kọ́kọ́ ń bàjẹ́, nígbà tí èyí tí ń jẹ́ kí a mọ ìfọwọ́kàn ṣì ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ òwú, tí kò mọ iná.

Wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán sí-tí fún un, nítorí òun ni ó wà nítòsí. Ìwé èsì sọ pé kò sí kókó, kò sì sí ẹ̀jẹ̀. Bí dókítà bá dúró síbẹ̀, wọn ìbá ti sọ fún un pé ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n dókítà mọ̀ pé egungun nípọn yí ẹnu ihò ìsàlẹ̀ agbárí ká, sí-tí kì í sì í fi í hàn dáadáa. Ó ní kí wọ́n ya irú àwòrán kejì, èyí tí ń lo agbára òòfà, fún orí àti ọrùn pọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ìsàlẹ̀ ọpọlọ náà ti wọ inú ihò tó mìlímítà 11. Mìlímítà 5 sókè ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń kà sí àìpé Kíárì. Omi sì ti wà nínú mùdùnmúdùn ọrùn rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un: wọ́n gé díẹ̀ nínú egungun ẹ̀yìn agbárí kúrò kí ihò náà lè fẹ̀. Sísín kò fọ́ ọ lórí mọ́ lẹ́yìn náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò padà sípò tán, nítorí pé iṣan tí ó ti bàjẹ́ kì í sábà sàn tán, ṣùgbọ́n kò burú sí i mọ́. Ohun tí oṣù mẹ́fà ìdúró náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè máa bẹ̀rù. Àwọn kan wà tí ìsàlẹ̀ ọpọlọ wọn gùn bẹ́ẹ̀ tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan, tí wọn kò sì nílò iṣẹ́ abẹ rárá. Bí àwọn àgbà ti wí, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí àwòrán náà fi hàn, àti ohun tí ń ṣe ẹni náà, ni dókítà yóò pa pọ̀ kí ó tó pinnu.

Àpẹẹrẹ kejì: olùkọ́ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú wúkọ́

Ẹ wo ẹlòmíràn, olùkọ́ fẹ̀yìntì kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 63. Ikọ́ gbígbẹ kan ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìgbà díẹ̀, ìgbàkígbà tí ó bá sì wúkọ́, iwájú orí rẹ̀ ní ìhà méjèèjì á sán fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Kò sí ohun mìíràn. Ó ń rìn dáadáa, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ohun gbogbo. Àwòrán olóòfà tí wọ́n yà fún un kò fi àbùkù kankan hàn. Nígbà yìí ni dókítà tó lè fọkàn balẹ̀ sọ pé orí fífọ́ rẹ̀ jẹ́ èyí tí kò léwu.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń fa ikọ́ náà? Dókítà bi í léèrè àwọn oògùn tí ó ń lò, ó sì rí i pé lisinópírìlì wà lára wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gidi ni, ṣùgbọ́n òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ a máa fa ikọ́ gbígbẹ lára àwọn kan. Dókítà pààrọ̀ rẹ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ikọ́ náà lọ, orí fífọ́ náà sì bá a lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín nítorí ohun tí ẹ kà yìí. Ẹ sọ fún dókítà tí ó fún yín ní oògùn náà. Òun ni yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí àwòrán rẹ̀ bá mọ́ báyìí kò nílò láti máa ya òmíràn lọ́dọọdún. Àyàfi bí orí fífọ́ náà bá yí padà: bí ó bá ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ó bá ń dé láìsí ikọ́, tàbí bí àmì tuntun bá bẹ̀rẹ̀ sí yọjú.

Ti iṣẹ́ agbára: ìgbà àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù

Ní ti iṣẹ́ agbára, ìbéèrè tí ó ṣe kókó ni pé: ǹjẹ́ ó ti ṣẹlẹ̀ rí? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí orí rẹ̀ ti ń lù kìkì fún ọdún 2 lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán, tí ó ń rọlẹ̀ bí ó bá mu omi, tí ó sì sinmi lábẹ́ ìbòòji, lè lọ rí dókítà ní ọjọ́ tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Dókítà lè ní kí ó ya àwòrán, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀ràn kánjúkánjú.

Ti ẹni tí ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì sókè, tí orí rẹ̀ sán lẹ́ẹ̀kan náà bí àrá, tí irú rẹ̀ kò sì ṣe é rí, yàtọ̀ pátápátá. Bí orí fífọ́ bá dé góńgó líle rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 1, ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ni ó bẹ́ nínú orí tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà yí ọpọlọ ká, tàbí pé iṣan ọrùn kan ni ó ya nínú. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe sùn lé e, kí ó má sì dúró de ọjọ́ kejì. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní wákàtí kan náà. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ wákàtí ni pé àwòrán sí-tí máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tí ó dà hàn kedere jù lọ láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ náà á máa parẹ́ lójú àwòrán, bẹ́ẹ̀ iṣan tí ó bẹ́ ṣì lè tún bẹ́. Bí sí-tí kò bá fi nǹkan hàn, tí ìfura ṣì wà, dókítà lè fẹ́ fa díẹ̀ nínú omi ẹ̀yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kan náà ni a ń wí nípa orí fífọ́ òjijì tí ó bá dé nígbà ìbálòpọ̀. Ìtìjú máa ń mú kí àwọn ènìyàn fi í pamọ́. Dókítà ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, ẹ sọ ọ́ bí ó ti rí.

Ẹgbẹ́ kẹta kan tún wà tí àwòrán orí kò lè ràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó ti lé ní 50 ọdún, tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tí orí rẹ̀ ń fọ́ nígbà tí ó bá ń gun òkè tàbí àtẹ̀gùn, tí ó sì ń dáwọ́ dúró gẹ́lẹ́ tí ó bá jókòó, lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó ní ọkàn rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àwòrán wo ni kí a yà?

Irú àwòrán méjì ni a ti dárúkọ. Sí-tí yára, ó wà ní ibi púpọ̀, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ìkejì. Òun ni ti ọ̀ràn kánjúkánjú, nígbà tí a bá ń wá ẹ̀jẹ̀. Ìkejì ni ti agbára òòfà, tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́m-áà-áì. Ó ń gba àkókò, ẹni náà yóò dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ tí ń pariwo, kò sì gbọdọ̀ wọlé láìsọ fún wọn bí irin tàbí ẹ̀rọ ọkàn bá wà lára rẹ̀. Òun ni ó tọ́ fún orí fífọ́ tí ikọ́ ń fà, nítorí òun ni ó ń fi ẹnu ihò ìsàlẹ̀ agbárí hàn.

A mọ̀ pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, ẹ má ṣe lọ yà á láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Ẹ béèrè pé kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé ikọ́ ni ó ń fa orí fífọ́ náà, kí ẹni tí yóò ka àwòrán lè mọ ibi tí yóò tẹjú mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé sí-tí nìkan ni apá yín ká, tí ó sì mọ́, tí orí fífọ́ náà kò lọ, ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ náà sí èyí tí ó ti parí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fa omi ẹ̀yìn ẹni tí ikọ́ ń fọ́ lórí láìkọ́kọ́ rí àwòrán orí rẹ̀, nítorí bí Kíárì tàbí kókó bá wà níbẹ̀, ó lè mú kí ọpọlọ há sí i.

Ọ̀rọ̀ nípa oògùn

Oògùn ara ríro tí a ń mu lẹ́yìn tí orí ti fọ́ kò wúlò fún ìrora tí kò pé ìṣẹ́jú méjì. Oògùn kan wà tí ó ń dènà rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, orúkọ rẹ̀ ni indomẹtasíìnì. Ó wà lára oògùn tí àwọn kan ń rà fún ìrora oríkèé láìsí ìwé dókítà. Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Èkíní, ó lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru burú sí i, ó sì lè pa kíndìnrín lára, pàápàá lára àgbàlagbà. Èkejì, ó lè mú ìrora rọlẹ̀ fún ẹni tí ó ní àìpé nínú orí pẹ̀lú. Nítorí náà, pé oògùn náà ṣiṣẹ́ kò fi hàn pé orí fífọ́ náà kò léwu. Dókítà ni ó yẹ kí ó fúnni, lẹ́yìn àwòrán.

Ohun tí ẹ óò sọ fún dókítà, àti àmì tí kò gba ìdúró

Kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ kọ ohun márùn-ún sílẹ̀: ohun tí ń fa orí fífọ́ náà, ibi tí ó ti ń dùn nínú orí, bí ó ti ń pẹ́ tó, ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Ìwé kékeré yìí yóò ran dókítà lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé ìrora náà lè má sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ lọ ní ọjọ́ kan náà bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá wà: orí tí ó sán lójijì bí àrá fún ìgbà àkọ́kọ́, ọrùn tí ó gan pẹ̀lú ibà tàbí èébì, dídákú tàbí gìrì, ojú tí ń rí nǹkan ní méjì-méjì, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí ó rọ, tàbí ọ̀rọ̀ tí kò já geere lẹ́nu mọ́. Obìnrin tí ó lóyún tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí orí fífọ́ tuntun bá dé sí, kò gbọdọ̀ dúró pẹ̀lú.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ìlera tí ó wà nítòsí yín. Wọn yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, wọn yóò sì kọ ìwé tí ẹ óò mú lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba bí ó bá yẹ. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kì í sì í ṣe ohun tí a gbọdọ̀ kọjá òkun lọ ṣe. Láti 1962 tí Látúndé Odẹ́kù ti dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí ikọ́ tàbí sísín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ yín lórí, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.